Ohun Tó Kùnà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá Nínú Ìwé Àyẹ̀wò Àláàmù Iná

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá fa àláàmù iná sí ilé ńlá kan tán, ó yẹ kó fi ìwé kan lé onílé lọ́wọ́ kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé náà kì í ṣe rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fi férémù gbé kọ́ ara ògiri. Àbọ̀ ìdánwò ni. Ó ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n dán wò nínú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣiṣẹ́, èyí tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣì jẹ onílé kó tó gba ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé kì í kà á rárá. Wọ́n á ṣí i dé ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á san owó tó kù, ó parí.

Ní tèmi, ibi tí wọ́n kọ “kùnà” sí nínú ìwé náà ló níye lórí jù. Ilé tó ní ohun èlò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí àjà àti lára ògiri, tí àwọn oníṣẹ́ sìmẹ́ńtì, oníkùn-ún àti oníwáyà jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ṣòro kí gbogbo nǹkan rẹ̀ dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá rí àbọ̀ tí “ó yege” kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé wọn kò dán ilé yẹn wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi òtẹ́ẹ̀lì kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Mo to àpẹẹrẹ náà jọ látinú ohun tó wọ́pọ̀ nínú irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé náà ní àjà mẹ́ta lókè ìsàlẹ̀ ilé, yàrá 48, ilé ìdáná ńlá, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní dítẹ́kítọ̀, tó ń mọ̀ bí èéfín tàbí ooru bá wọlé, jẹ́ 86. Àpótí pupa tí èèyàn ń tẹ̀ bó bá rí iná jẹ́ 12. Fèrè tó ń dún jẹ́ 40. Wáyà kan ló so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, olúkúlùkù wọn sì ní nọ́mbà tirẹ̀. Bí dítẹ́kítọ̀ kan bá rí èéfín, fèrè á dún, pánẹ́ẹ̀lì á sì kọ orúkọ yàrá tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí ojú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà nílẹ̀ wa ló ń tẹ̀ lé ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 5839-1 fún iṣẹ́ yìí. Ìlànà yẹn ni mo fi wọn àwọn òǹkà tí ẹ máa rí nísàlẹ̀.

Ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn méjì. Ọ̀kan mú ọ̀pá gígùn tí agolo èéfín àtọwọ́dá wà lórí rẹ̀, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń fín èéfín díẹ̀ sí dítẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún èyí tó jẹ́ ti ooru, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ló ń lò. Ẹnì kejì jókòó ti pánẹ́ẹ̀lì, ó ń ka ohun tó bá kọ, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wọkítọkì. Ó ṣe pàtàkì kó jẹ́ èéfín ni wọ́n lò. Dítẹ́kítọ̀ mìíràn wà tó ṣeé dán wò láti ara pánẹ́ẹ̀lì láìgun òkè rárá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè sọ fún yín bóyá èéfín lè wọ inú rẹ̀. Nínú òtẹ́ẹ̀lì wa yìí, èéfín ló tú àṣírí nọ́mbà 47:

```
L1-047   RM 109   NO ALARM
```

Wọ́n fín èéfín títí, pánẹ́ẹ̀lì kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gun àkàbà lọ wò ó, wọ́n bá ìdérí ike aláwọ̀ ọsàn lójú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi bò ó kí eruku sìmẹ́ńtì má baà wọ̀ ọ́ nígbà iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fín èéfín sí i, ó ṣiṣẹ́. Níbí ni ẹ ti máa mọ irú ẹni tó kọ ìwé yín. Ẹlòmíì á kọ “ó yege”, á sì gbàgbé gbogbo ohun tó ṣáájú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ pé ó kùnà ní aago 10:42, pé wọ́n bá ìdérí lójú rẹ̀, pé wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n sì tún dán an wò ní 10:55 tó yege. Ìdí ni pé ibi tí wọ́n bá ti gbàgbé ìdérí kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé mìíràn nítòsí, ẹni tó bá ka ìwé náà á sì mọ̀ pé kó wo gbogbo àjà yẹn.

Àṣìṣe tó burú ju ìyẹn lọ kì í jẹ́ kí àláàmù dákẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí wọkítọkì:

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti fín in o. Kí ló sọ?”

“Ó ní RM 312.”

“Rárá o, èmi wà ní 212.”

Fèrè dún, iná pupa tàn, dítẹ́kítọ̀ náà kò ní àbùkù kankan. Ẹni tó kọ orúkọ yàrá sínú pánẹ́ẹ̀lì ló gbé orúkọ 212 sórí 312, tó sì gbé ti 312 sórí 212. Bí iná bá ṣẹ́ lóru ní àjà kejì, ọlọ́dẹ á ka ojú pánẹ́ẹ̀lì, á sáré gba àtẹ̀gùn kọjá iná náà lọ sí àjà kẹta, á kan ilẹ̀kùn àlejò tí kò mọ nǹkan kan, á sì sọ̀kalẹ̀ wá sọ pé irọ́ ni àláàmù ń pa. Nítorí náà ni àbọ̀ tó dára fi máa ń ní ojú ìlà méjì fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún bóyá ó dún, ìkejì fún bóyá orúkọ tí pánẹ́ẹ̀lì kọ bá yàrá tí wọ́n wà mu. Bí ìwé yín bá ní ojú ìlà kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohùn, nítorí ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ti ń kùnà jù. Níbi tí àwọn èèyàn ti lajú sílẹ̀, ohùn fèrè gbọ́dọ̀ tó dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 65 ní ọ̀pọ̀ ibi. Níbi tí wọ́n ti ń sùn, ó gbọ́dọ̀ tó 75, orí ibùsùn gan-an ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn ní títì. Títì yẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fò. Ilẹ̀kùn lásán lè gé nǹkan bíi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 20 kúrò nínú ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ṣe láti dènà iná sì lè gé tó 30. Nínú yàrá 304, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ ìwọn ohùn ka 78 lórí ìrọ̀rí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó já sí 62. Àlejò tó sùn wọra níbẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń rọra hó lókè orí rẹ̀, lè má gbọ́ ọ rárá.

Wọ́n dán yàrá yòókù wò, wọ́n sì rí i pé láti 301 dé 309, yàrá mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó tó 75. Fèrè kan ṣoṣo ló wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ apá ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe pé kí wọ́n yí ohùn fèrè yẹn sókè títí tí yóò fi máa di etí ẹni tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Fèrè kékeré ni kí wọ́n fi sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n lè so mọ́ ìdí dítẹ́kítọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ń fẹ́ owó àti ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó ń kánjú fi máa ń fẹ́ wọn ohùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí.

Ohun kan wà tó kàn wá gan-an nílẹ̀ yìí, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Ìlànà ní kí ohùn fèrè fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 5, ó kéré tán, ju ariwo èyíkéyìí tó lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, iná ìjọba wà, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, fèrè ka 76, wọ́n kọ “ó yege”. Ẹnì kan tó lóye ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ariwo ibẹ̀ nìkan tó 74, èyí tó túmọ̀ sí pé fèrè gbọ́dọ̀ tó 79. Ó kùnà. Ẹ wo ìwé yín bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń wọn ohùn. Bí wọn kò bá kọ ọ́, wọ́n wọn ilé mìíràn, kì í ṣe ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ wo àwọn òǹkà náà fúnra wọn pẹ̀lú. Bí yàrá 48 bá ka 75, 75, 75 tẹ̀ lé ara wọn, ẹnì kan jókòó sórí àga kọ ọ́ ni.

Bátìrì ni ẹ̀kẹta. Nígbà tí iná bá lọ, bátìrì tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì ló ń gbé gbogbo àláàmù dúró. Fún irú ilé yìí, ó gbọ́dọ̀ lè gbé e fún wákàtí 24, lẹ́yìn wákàtí 24 yẹn kó ṣì lè fọn gbogbo fèrè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Méjì ni bátìrì náà máa ń jẹ́, fọ́ọ̀tì 12 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra kó lè di 24. Nínú òtẹ́ẹ̀lì wa, méjì tó jẹ́ 7 áńpíà-wákàtí ni wọ́n fi síbẹ̀, oníṣẹ́ sì sọ fún Alájà tó ni ilé pé 7 àti 7 jẹ́ 14. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá so bátìrì méjì tẹ̀ léra, fọ́ọ̀tì ló ń lé, agbára tí wọ́n kó pamọ́ ṣì jẹ́ 7.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí àláàmù dákẹ́, wọ́n wọn iná tó ń fà, ó jẹ́ áńpíà 0.32. Fún wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 7.7. Nígbà tí gbogbo fèrè ń dún, ó ń fa 1.4, fún ààbọ̀ wákàtí ó jẹ́ 0.7. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a bá ń fa iná púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í yọ̀ǹda gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń ka 0.7 yẹn sí 1.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.9. Bátìrì ń gbó, wọ́n ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e nítorí ìyẹn, ó wá di 11.1. Bátìrì 12 ló yẹ ilé yìí. Èyí tó jẹ́ 7 kò tó kódà fún wákàtí 24 tí àláàmù fi dákẹ́. Ẹ kò nílò láti mọ ìṣirò náà sórí. Ẹ ṣáà wò bóyá òǹkà méjèèjì tí wọ́n wọn, ìgbà ìdákẹ́ àti ìgbà ariwo, wà nínú ìwé náà. Bí àyè wọn bá ṣófo, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá bátìrì náà tó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé náà kò tíì parí. Ilé tí dítẹ́kítọ̀ rẹ̀ bá ju 50 lọ, ìlànà ní kí wọ́n fi àláàmù náà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, lẹ́yìn ìdánwò, kí wọ́n máa ṣọ́ bóyá yóò dún láìsí iná. Ti òtẹ́ẹ̀lì yìí dún nígbà méjì lọ́sẹ̀ yẹn, méjèèjì ní òwúrọ̀ kí aago méje tó lù, láti ara dítẹ́kítọ̀ èéfín tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé ìdáná. Àkókò tí wọ́n ń dín àkàrà fún àlejò ni. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń ṣí, èéfín òróró ń jáde. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi máa sọ pé “àkàrà ni”, wọ́n á máa pa á lẹ́nu mọ́ láìwò ó, ọjọ́ tí kò bá jẹ́ àkàrà ni wàhálà. Wọ́n lè sún dítẹ́kítọ̀ náà jìnnà sí ilẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n fi ti ooru rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn máa gbà sá jáde, ti ooru sì máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé iná wà. Oníwáyà kò gbọ́dọ̀ dá ìpinnu yẹn ṣe. Ẹni tó ya àwòrán iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ gbà á, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ọgbọ́n burúkú kan wà tí wọ́n ń dá síbí tó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Dítẹ́kítọ̀ tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lè pa á láti ara pánẹ́ẹ̀lì. Á wà lórí àjà bíi tàwọn yòókù, àmọ́ kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì kì í fi í pamọ́: lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná aláwọ̀ òféèfèé á máa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ bíi `DISABLED`, ẹ sì lè ní kí wọ́n ṣí orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n pa hàn yín. Pánẹ́ẹ̀lì tún máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n dán dítẹ́kítọ̀ 86 wò lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ọjọ́ Túsìdeè jáde. Bí 23 péré ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ iye tí wọ́n dán wò. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé tó àkọsílẹ̀ yẹn, nítorí kò mọ ẹni tó ń kánjú gba owó rẹ̀.

Ó wá ku àkọsílẹ̀ àbùkù tó ṣẹ́ kù. Ti òtẹ́ẹ̀lì yìí jẹ́ mẹ́rin: ohùn yàrá mẹ́sàn-án, ohùn yàrá ìfọṣọ, bátìrì, àti dítẹ́kítọ̀ iwájú ilé ìdáná. Nígbà tí Alájà ń béèrè ọ̀rọ̀, èsì tí wọ́n fún un ni pé, “Mọ́mì, iṣẹ́ kékeré ló kù lókè, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i.” Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè mú ẹnikẹ́ni padà wá ṣiṣẹ́. Bó ṣe yẹ kí ìlà àkọ́kọ́ rí nìyí: “Yàrá 301 dé 309, ohùn lórí ibùsùn kò tó 75 pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, òǹkà kọ̀ọ̀kan wà lójú ewé yìí. Agbaṣẹ́ṣe yóò fi fèrè mẹ́sàn-án sí i, ọjọ́ báyìí ni yóò parí. Kí wọ́n tún wọn ohùn, kí wọ́n kọ òǹkà tuntun síbí. Kí ó tó di ìgbà yẹn, wọn kò ní gba àlejò sí àwọn yàrá náà.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń jẹ́ kí ilé ṣeé ṣí nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù. Yàrá mẹ́sàn-án lè wà ní títì kí yòókù máa gba àlejò. Dítẹ́kítọ̀ iwájú ilé ìdáná lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan, bí wọn kò bá pa á, tí ẹnì kan sì ń lọ wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Yàrá ìfọṣọ lè dúró bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tó máa wà nínú rẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì lè rà á lọ́jà kí wọ́n sì fi sí i lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà kò sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ gba ilé kó tó wọlé.

Ẹ wo ìbuwọ́lùwé wọn kí ẹ tó fi tiyín sí i. Ẹni tó ya àwòrán, ẹni tó fa wáyà àti ẹni tó dán an wò, olúkúlùkù ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ láti fọwọ́ sí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, ẹ bi í bóyá òun náà ló ya àwòrán, kí ó sì mú un wá kí ẹ rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn tàbí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé náà dé, ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì kà á. Ẹ bá wọn gòkè lọ sí yàrá tó kùnà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n fọn fèrè. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn ohùn sórí ìrọ̀rí, kí ẹ fi ojú ara yín ka òǹkà rẹ̀. Bí kò bá tíì tó 75, ẹ kọ èyí tí ẹ rí sínú ìwé náà, ẹ dá a padà fún wọn, kí owó tó kù sì wà lọ́wọ́ yín.